Kóòdù tí kò ṣí lórí ìwé ìléwọ́ alásè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Alásè òde ni mí n'Íbàdàn. Mo tẹ ìwé ìléwọ́ tó ní kóòdù kíú-áà ní igun ìsàlẹ̀, kó lè gbé oníbàárà wá sórí Wásáàpù mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹ kú iṣẹ́, mo rí ìwé yín, mo fẹ́ ra oúnjẹ fún òde wa." Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, àwọ̀ wúrà lórí àwọ̀ wáìnì. Fóònù ọmọ mi ṣí i, ṣùgbọ́n ti ọ̀pọ̀ oníbàárà kò ṣí i. Kí ni kí n ní kí wọ́n tún ṣe kí n tó tẹ òmíràn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá alásè. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sínú kóòdù yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ wò. Bí ohun tí kóòdù gbé dání bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni àpótí kéékèèké inú rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó, àyè tí ẹ fún un kò sì tóbi sí i, ṣe ni àpótí kọ̀ọ̀kan á kéré sí i.

Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ wa ló dá kún un. Nínú líǹkì, lẹ́tà ẹ ẹyọ kan ṣoṣo á di `%E1%BA%B9`, àmì mẹ́sàn-án gbáko. Tí ó bá tún lóhùn lórí, ó lè di 15. Mo ka ti yín: líǹkì náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lé ní 200 àmì. Kóòdù máa ń ní àtúnṣe nínú, tó ń jẹ́ kó ṣeé kà bí ó tilẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀. Ní ìwọ̀n àtúnṣe tí wọ́n sábà máa ń lò, líǹkì yín ń béèrè àpótí 57 ní ìbú àti 57 ní òró. Nínú sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, àpótí kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdámẹ́rin mìlímítà lọ. Tí yíǹkì bá tàn díẹ̀ lórí pépà, àpótí méjì á so pọ̀, kámẹ́rà tí kò lágbára kò sì ní mọ èwo ni èwo. Kámẹ́rà tó dára ló gba fóònù ọmọ yín là.

Mo nífẹ̀ẹ́ àmì ohùn gan-an, mi ò sì ní kí ẹ yọ ọ́ nínú ohun tí ènìyàn ń kà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n inú líǹkì, ẹ jẹ́ kó kúrú:

```
https://wa.me/2348XXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20ra%20ounje
```

Ẹ fi nọ́ńbà yín rọ́pò X. Èyí á bọ́ sínú àpótí 33 ní 33. Tí ẹ bá wá fẹ kóòdù náà dé sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan á lé ní ìdajì mìlímítà dáadáa, ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Ní ti àwọ̀, ẹ jẹ́ kí àpótí dúdú wà lórí funfun. Wúrà lórí wáìnì yí i padà: ohun tó yẹ kó ṣókùnkùn ló mọ́lẹ̀, àwọn fóònù kan kì í sì í ka irú rẹ̀. Ẹ fi funfun tó fẹ̀ tó àpótí mẹ́rin yí i ká, ìyẹn mìlímítà mẹ́ta ní ìwọ̀n yìí, kí ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán kankan má wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò létí ibi tí wọ́n ń gé pépà àti lójú ìṣẹ́po. Ẹ má fi lógò sáàárín rẹ̀. Àtúnṣe tó wà nínú kóòdù, ìdọ̀tí àti ìhunjọ ló yẹ kó máa bójú tó.

Ẹ bi ẹni tó ṣe kóòdù náà léèrè ibi tó ti ṣe é. Àwọn ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń fi líǹkì tiwọn sínú rẹ̀ dípò tiyín. Bí àkókò ọ̀fẹ́ bá parí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ìwé tí ẹ ti pín á sì di aláìwúlò. Ẹ fi fóònù wò ó: `wa.me` ló yẹ kẹ́ ẹ rí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù tí ẹ sọ fún mi. Ẹni tó bá mú ìwé náà dání kò mọ̀ bóyá owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ẹ kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ gan-an, ní lẹ́tà tí àgbàlagbà lè kà: "Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín sí ibí yìí, ẹ béèrè iye owó oúnjẹ òde lọ́wọ́ wa lórí Wásáàpù." Ó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ó sì sọ ibi tó máa gbé wọn dé. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sísàlẹ̀ fún ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì PDF ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, kì í ṣe fọ́tò orí Wásáàpù tó ti fún pọ̀. Kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ṣáájú, lórí pépà tí ẹ máa lò, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ẹ yá fóònù tí kò wọ́n lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ dán an wò nínú ilé ní ìrọ̀lẹ́. Bí fóònù náà bá ní láti sún mọ́ ọn, tí ó sún sẹ́yìn, kó tó kà á, ẹ fẹ kóòdù náà dé sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tẹ ìyókù.