Bí orí bá ti yàn án, ṣé ó tọ́ kí a bá a wí?

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní àyànmọ́ ò gbóògùn, wọ́n tún ní orí tí a yàn lọ́run la wá lò láyé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a fi ń bá olè wí? Ṣé kì í ṣe ohun tó yàn ló ń ṣe ni?"

Àwọn baba wa kò ka olè jíjà mọ́ ohun tí à ń yàn lọ́run. Ohun tí wọ́n ní orí ń pín fún ẹ̀dá ni ọrọ̀ tàbí àìní, ọmọ tàbí àìrọ́mọbí, ẹ̀mí gígùn tàbí ikú àìtọ́jọ́, oyè tí yóò jẹ tàbí èyí tí yóò kọjá lára rẹ̀. Ìwà tí ẹ̀dá ń hù bí ó ti ń lépa nǹkan wọ̀nyí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó wà, òun náà ni a ó sì bi léèrè. Ẹ kíyè sí ẹni tí ó máa ń sọ pé àyànmọ́ ò gbóògùn: ẹni tí ó ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, tí kò sì rọ́wọ́ mú ni, tàbí ẹni tí ó ń ṣìpẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Bí ẹni tí wọ́n ká ewúrẹ́ olóhun mọ́ lọ́wọ́ bá sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín, ẹjọ́ náà yóò sì máa lọ.

Inú odù Ifá tí à ń pè ní Ògúndá Méjì ni ìtàn yíyan orí ti kún jù lọ, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní kí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí, kí wọ́n má sì yà sílé baba wọn lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ọ̀rúnmìlà, Afùwàpẹ́ ní òun fẹ́ rí baba òun, àwọn méjì yòókù sì bá tiwọn lọ. Wọn kò bá Àjàlá nílé, wọn kò sì lè dúró dè é. Wọ́n wọ ilé tí àwọn orí wà. Oríṣèékú gbé èyí tí Àjàlá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ tí kò tíì sun, Orílèémèrè gbé èyí tí ó tóbi, kò mọ̀ pé ó ti sán. Wọ́n gbé e borí, wọ́n kọrí sáyé. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lórí wọn. Láyé, wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo èrè iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń fi tún ibi tí orí ti jẹ dànù ṣe.

Nílé Ọ̀rúnmìlà, àwọn babaláwo dífá fún Afùwàpẹ́, wọ́n ní kí ó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, wọ́n sì fún un ní díẹ̀ nínú rẹ̀ mú lọ. Ó bá oníbodè kan tí ń se ọbẹ̀, tí ó ń bu eérú sí i bí ẹni ń bu iyọ̀. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ sí i, ó dùn mọ́ ọkùnrin náà nínú, ó sì sìn ín dé ilé Àjàlá. Onígbèsè ni Àjàlá, ó ti sá gun àjà nítorí olówó tí ó wá sin gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fúnra rẹ̀ bá a yan orí tí ó dára, òjò tí ó tú ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì lè tú u. Nígbà tí àwọn yẹn rí bí ayé ti yẹ ẹ́, wọ́n fi orin sunkún pé àwọn kò mọ ibi tí olórí rere ti yan orí, àwọn ìbá lọ yan tiwọn níbẹ̀. Èsì Afùwàpẹ́ ni pé:

Ibì kan náà la ti gbé yan orí o,
Kàdárà ò papọ̀ ni.

Nínú ìtàn yìí, kò sí ẹni tí ó lè wo orí láti òde kí ó mọ inú rẹ̀. Ọkùnrin tí ó gbé orí tí ó sán kò mọ̀ pé ó sán. Yíyàn tí ènìyàn yàn láìmọ ohun tí ó ń yàn, a kò lè fi gbogbo ẹnu dá a lẹ́bi lé e lórí, Afùwàpẹ́ pàápàá kò sì dá wọn lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè yin òun náà jù, nítorí ó rìnnà kore pé baba rẹ̀ mọ Ifá, yíyà tí ó sì yà sọ́dọ̀ baba náà lòdì sí ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún wọn. Èmi kì í fẹ́ kí a sọ ọ́ di ìtàn ọmọ dáadáa àti ọmọ burúkú. Tiwọn ni kánjúkánjú tí wọn kò fi lè dúró de onílé, àmọ́ ó kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyà tí wọ́n jẹ. Ohun tí Afùwàpẹ́ ṣe tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni iyọ̀ tí ó bù fún oníbodè àti gbèsè tí ó san fún Àjàlá. Ìwà ni méjèèjì, ìwà yẹn ni ó sì yí orí tí ó bá a dáyé padà.

Ẹsẹ Ifá mìíràn tilẹ̀ ya ìwà sọ́tọ̀ pátápátá:

Orí kan kì í burú lótù Ifẹ̀,
Ìwà nìkàn ló ṣòro.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè bi wá bí orí kò ṣe ń burú, nígbà tí ti Orílèémèrè sán. Àwọn ẹsẹ Ifá kì í fi gbogbo ìgbà fohùn ṣọ̀kan, kò sì yẹ kí a fi ipá so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ tí a ń bi wá yìí, ibì kan náà ni wọ́n forí lé: kò sí èyí tí ó sọ pé Àjàlá mọ orí olè fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wo èèwọ̀. Nígbà tí wọ́n bá bímọ, tí wọ́n sì ṣe àkọsẹ̀jayé fún un, babaláwo yóò sọ irú ọ̀nà tí ọmọ náà bá wá, yóò sì sọ ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ tàbí tí kò gbọdọ̀ ṣe. Bí ohun gbogbo bá ti dì pa láti ọ̀run, kí ni a ń ka èèwọ̀ fún un sí? Ohun tí ènìyàn lè yẹra fún nìkan ni a máa ń kìlọ̀ rẹ̀ fún un.

Ibi tí èmi rò pé a ti ń ṣi ẹ̀bi gbé ni èébú tí a ń pè ní olóríburúkú. A máa ń fi bú obìnrin tí kò bímọ àti ọkùnrin tí òwò rẹ̀ ń wọmi, bẹ́ẹ̀ orí gan-an ni ohun tí ẹ̀kọ́ wa sọ pé wọn kò rí inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e. Ẹni tí ó yẹ kí a bú ni aláìníwà, nítorí ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹjọ́ kan yẹ̀ wò. Ká sọ pé alájọ kan gba àjọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà fún odidi oṣù kan, ọjọ́ tí wọn yóò kó owó pé, owó kò sí. Wọ́n fà á dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í kan orí rárá: níbo ni owó náà wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí o gbà á kẹ́yìn, ọjọ́ wo ni o mọ̀ pé kò sí mọ́, ta ni o sọ fún? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn adigunjalè dá a lọ́nà, tí ó figbe ta lọ́jọ́ náà, tí àwọn tó wà níbẹ̀ sì jẹ́rìí, wọn yóò ní orí ló kó o yọ, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ ẹ̀mí, wọn yóò sì fún un láyè láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi kan páànù ilé rẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ àyànmọ́ níbẹ̀. Àfọwọ́fà ni wọn yóò pè é. Bí ó bá jẹ́ pé ó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníṣòwò kan, tí ọ̀rẹ́ sì sá lọ, ìyẹn ló máa ń fa àríyànjiyàn jù. Sísálọ ọ̀rẹ́ kì í ṣe ẹ̀bi alájọ, ṣùgbọ́n yíyá tí ó yá owó olówó fún ẹlòmíràn láìbi wọ́n, ẹ̀bi rẹ̀ ni, ìyẹn ni wọn yóò sì mú dání. Owó kan náà ló sọnù lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó yí ìdájọ́ padà ni ohun tí alájọ mọ̀ àti ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti ṣe tàbí láti má ṣe.

Àwáwí kan ṣì wà tí àwọn àgbà kì í fi ẹ̀rín dá lóhùn, èyí ni èdì. Alájọ lè ní wọ́n dì òun lédì ni, òun kò mọ ìgbà tí òun kó owó náà dà nù. Nǹkan méjì ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Àkọ́kọ́ ni bóyá ìwà náà ṣàjèjì sí i: ẹni tí ó ti gba àjọ lọ́pọ̀ ọdún láìdín kọ́bọ̀, tí ó wá dédé ń fún ẹni tí kò mọ̀ rí lówó lójú títì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú ìfura wá. Èkejì ni bóyá ó jèrè nínú rẹ̀. Èdì tí ó kan páànù tuntun fún olúwarẹ̀ kò jọ èdì. Bí nǹkan méjèèjì bá gbè é, wọn yóò wá ìtọ́jú fún un, ẹnikẹ́ni kò sì ní pè é ní olè, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í pe wèrè tí ó da ọjà rú ní ọ̀daràn.

Síbẹ̀, ìdáríjì yẹn kò pa gbèsè rẹ́. Bí wèrè bá fọ́ ìkòkò ní ọjà, ẹbí rẹ̀ ni a ń lọ bá, láìjẹ́ pé a bínú sí wèrè náà. Ẹ̀bi jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, àsanpadà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó pàdánù. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin ọjà fi lè bá alájọ tí èdì mú kẹ́dùn tọkàntọkàn, kí wọ́n sì bá àwọn ará ilé rẹ̀ dá ọjọ́ tí wọn yóò wá gba owó wọn.