Kí ni ámbà tí wọ́n ń pè mọ́ lọ́fíńdà?

*Ẹ jọ̀ọ́, mo ra òróró lọ́fíńdà kan ní Ọjà Ọba, Òṣogbo níbí. Ẹni tó tà á ní ámbà ni, àmọ́ ọsàn ni mo gbọ́ nígbà tí mo ṣí i. Kí ló ń jẹ́ ámbà gan-an? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ọsàn, ti òdòdó àti ti igi?*

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á fún yín má parọ́. Ámbà kì í ṣe ohun kan tí wọ́n ń já lórí igi, àpòpọ̀ ni. Oje igi ló pọ̀ jù níbẹ̀: lábídánọ́mù, tí í ṣe oje tó ń lẹ̀ mọ́ ewé igi kékeré kan lágbègbè Òkun Mẹditaréníà, àti bẹnsóínì, oje igi kan láti Éṣíà. Wọ́n á wá fi fanílà sí i, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Òkúta aláwọ̀ oyin tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà ń jẹ́ ámbà, àmọ́ kì í ṣe òun ló wà nínú ìgò yín. (Àwa náà kúkú ti ya orúkọ lò bẹ́ẹ̀: láfẹ́ńdà, ewéko olódòdó kan, la sọ di lọ́fíńdà, tí a wá ń pe gbogbo òórùn dídùn bẹ́ẹ̀.)

Ọsàn tí ẹ gbọ́ yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ òórùn náà ni. Ẹ dúró ti ẹni tó ń fi abẹ bó ọsàn: òórùn tó gba imú yín, èèpo ló ti jáde, kì í ṣe omi inú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ èèpo náà níwájú àbẹ́là, òróró rẹ̀ á ta pà-pà-pà nínú iná. Ohun tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lára. Láàárín ìdajì wákàtí, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹnu ìgò kì í fi í sọ gbogbo òótọ́.

Ẹ gé bébà funfun tí kò lóòórùn, kó fẹ̀ tó ìka, kó gùn tó ìka mẹ́ta. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ àkókò sí i, kí ẹ ki etí rẹ̀ kan bọ òróró náà díẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fín sára, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan kí ọtí inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kó kan imú, ẹ má sì gbọ́ ju lọ́fíńdà mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí imú máa ń kú.

Ní ogún ìṣẹ́jú, òdòdó ló sábà máa ń yọjú: róòsì, jásímínì, ìláńgì. Ibí yìí làwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù. Jásímínì tó pọ̀ máa ń mú òórùn bíi káńfọ̀ tí a ń sọ sínú àpótí aṣọ wá, wọ́n á ní lọ́fíńdà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Ohun tó ń fa òórùn yẹn wà nínú òdòdó náà fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀, ti igi tàbí ámbà ló máa kù, nítorí àwọn méjèèjì wúwo. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ti igi máa ń gbẹ: ó jọ ibi tí wọ́n ti ń la pákó, tàbí lẹ́ẹ̀dì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Igi sáńdà nìkan ló rọ̀ díẹ̀, bíi wàrà. Ámbà ní tirẹ̀ dùn, ó ki, ó sì gbóná nímú, bí ìgbà tí wọ́n da oje sórí ẹyin iná tí ẹnìkan sì ń ṣe kéèkì nítòsí. Bó bá jẹ́ fanílà nìkan lẹ gbọ́, tí kò sí oje kankan níbẹ̀, kì í ṣe ámbà.

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tó kù láàárọ̀ nìkan la fi ń dá ẹbí òórùn mọ̀, ìyẹn ti ọsàn, ti òdòdó, ti igi tàbí ámbà. Ohun tó borí látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni. Kolóònì tó jẹ́ ọsàn kedere lè fi igi díẹ̀ sílẹ̀ lórí bébà. Ti ọsàn ló ṣì jẹ́. Ti yín ńkọ́? Bí ọsàn bá lọ láàárín ìdajì wákàtí, tí oje àti fanílà ti ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì wà títí di àárọ̀, ámbà ni wọ́n tà fún yín. Bó bá ṣe pákó gbígbẹ ló kù, ti igi ni.

Ẹ má fi kan aṣọ funfun. Fanílà máa ń dúdú bó bá pẹ́, àmì rẹ̀ lára léèsì kì í rọrùn láti fọ̀ kúrò.