VIF 17 lórí ilẹ̀ àti igi kajú: ṣé kí n yọ méjèèjì?

*«Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń ṣe mẹmuáà lórí àwọn àgbẹ̀ kajú lágbègbè Ṣábẹ, mo fẹ́ mọ̀ bóyá fọmasíọ̀n tí wọ́n ṣe fún wọn mú kí ìkórè wọn pọ̀ sí i. VIF ilẹ̀ jẹ́ 17, ti iye igi jẹ́ 16, ti fọmasíọ̀n 1.4. Ọ̀gá mi ní ohunkóhun tó bá ti ju 10 kí n yọ ọ́. Ṣé kí n yọ méjèèjì?»*

Àbúrò, rọra. Má tíì yọ nǹkankan. VIF kàn ń sọ bí faríábù kan ṣe bá àwọn yòókù tan tó ni. Bí mo ṣe ka ohun tó o kọ yìí, ṣe ni inú mi ru, torí irú ohun tí wọ́n sọ fún mi náà nìyẹn, ó sì gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú 40.000 sẹ́fà tí mo kó fún ọkùnrin kan ní Kútọnu tó ń pe ara ẹ̀ ní onímọ̀ sítátísítíìkì.

Tèmi náà, oko kajú ni. Àgbẹ̀ 84, láti ẹ̀yìn Ṣábẹ títí dé ọ̀nà Kábúà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí kílò kajú tí ẹnì kan kó pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Mo wọn ilẹ̀ wọn ní ẹ́kítà, mo ka igi wọn (mo kà á o, lábẹ́ oòrùn oṣù kejì, kì í ṣe pé mo jókòó tí mo ń bi wọ́n), mo béèrè ọjọ́ orí igi àti iye èèyàn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, mo wá kó gbogbo ẹ̀ sínú regrẹsíọ̀n kan. Ohun tó jáde ni pé ẹ́kítà kan ń fi 510 kílò kún ìkórè, igi kan sì ń yọ 1.4 kílò kúrò. Ń yọ kúrò! Mi ò kíyè sí i dáadáa, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú mẹmuáà. Lọ́jọ́ sutenáǹsì, bàbá kan nínú júrì bi mí, níwájú màámi tó wọ aṣọ òkè wá láti Kétu, pé ṣé kí n lọ sọ fún àwọn ará Ṣábẹ kí wọ́n gbé àdá kí wọ́n máa gé igi wọn ni. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n padà lọ tún un ṣe, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ ohun tí mo fẹ́ tún ṣe.

Ìgbà yẹn ni mo wá onímọ̀ Kútọnu lọ. Ó tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní VIF mi burú: ilẹ̀ àti igi ti kọjá ààlà, ọjọ́ orí igi jẹ́ 11, òṣìṣẹ́ jẹ́ 8, pé ohunkóhun tó bá ju 5 lọ kí n jù ú nù, kí ó jẹ́ ilẹ̀ nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún orí kẹta kọ. Mo padà síwájú júrì, bàbá kan náà tún bi mí pé ọjọ́ orí igi ńkọ́, ṣé igi ọdún mẹ́ta àti igi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń so bákan náà ni. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, o sì lè ṣe méjèèjì lónìí. Èkíní, ọkùnrin yẹn ò fi kọ́nsítáǹtì, ìyẹn òpó tó kún fún 1 nìkan, síbẹ̀. Bó o bá ń lo Python, iṣẹ́ tó ń ka VIF yẹn kì í fi kọ́nsítáǹtì sí i fún ẹ, ìwọ lo máa fi sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, faríábù tó bá ti jìnnà sí òdo, bíi ọjọ́ orí igi tí kò sí ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ òdo, á gbé VIF ńlá jáde lórí asán, torí gbogbo àwọn nọ́ńbà tó jìnnà sí òdo máa jọra wọn. Bá a ṣe ń ṣe é rèé, `sup` ni ilẹ̀, `arb` ni iye igi, `age` ni ọjọ́ orí igi, `mdo` ni òṣìṣẹ́:

```python
import statsmodels.api as sm
from statsmodels.stats.outliers_influence import variance_inflation_factor

X = sm.add_constant(df[["sup", "arb", "age", "mdo"]])
for i in range(1, X.shape[1]):
    print(X.columns[i], variance_inflation_factor(X.values, i))
```

Nígbà tí èmi fúnra mi fi kọ́nsítáǹtì sí i, ọjọ́ orí igi bọ́ láti 11 sí 1.3, òṣìṣẹ́ bọ́ láti 8 sí 1.6. Kò sí nǹkankan tó ṣe wọ́n rárá! Ilẹ̀ dúró sórí 17.9, igi 17.4. Bó bá jẹ́ R lo ń lò, `car::vif(m)` ti tó, kò sí wàhálà yìí níbẹ̀.

Èkejì ni pé wọ́n ń bá nọ́ńbà lò bí òfin, wọn ò sọ ohun tó jẹ́. VIF kò ju èyí lọ: mú ilẹ̀, fi àwọn faríábù yòókù ṣe regrẹsíọ̀n láti sọ iye ilẹ̀, kí o wo R² ẹ̀, ìyẹn ìpín ìyàtọ̀ ilẹ̀ tí àwọn yòókù lè sọ. Tèmi jẹ́ 0.944. Wá fi sínú èyí:

```
VIF = 1 / (1 - R²) = 1 / 0.056 = 17.9
```

Gbòǹgbò 17.9 jẹ́ 4.2. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé `Std. Error` ilẹ̀, ìyẹn bí nọ́ńbà tá a rí fún un ṣe lè ṣìnà tó, ti wú ní ìlọ́po 4.2 ju bó ṣe yẹ kó rí ká ní ilẹ̀ ò bá àwọn yòókù tan rárá. Nígbà tí mo yọ igi, `Std. Error` ilẹ̀ jẹ́ 43 kílò, nígbà tí mo dá a padà, ó di 172. Ibẹ̀ nìkan ni aburú ẹ̀ wà. Kò ba kóẹfísíàn àwọn yòókù, ìyẹn iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi kún ìkórè, jẹ́, kò ba R² gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́, kò sì ní kí kóẹfísíàn ilẹ̀ fi dandan jẹ́ irọ́, ó kàn ní a ò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ yẹn gbin igi wọn ní mítà 10 sí mítà 10, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ìyẹn jẹ́ igi 100 nínú ẹ́kítà kan. Bó o bá ti mọ ilẹ̀ ẹnì kan, o ti mọ igi ẹ̀. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé bá jọ ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́ tí wọ́n ń kó owó sínú àpò kan, ta ló máa sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tà? Ọjọ́ tí ara ọ̀kan nínú wọn ò yá tí èkejì dá lọ nìkan la lè fi mọ̀. Nínú àgbẹ̀ 84 mi, àwọn tí igi wọn há gádígádí tàbí tó fọ́n ká ò ju ìwọ̀nba lọ, àwọn yẹn ló ń dá ẹjọ́ fún gbogbo wa.

Mo dán an wò. Mo yọ àgbẹ̀ 10 tí oko wọn tóbi jù, mo tún un ṣe: ilẹ̀ di 230, igi di +1.4. Igi tó ń yọ kúrò tẹ́lẹ̀ ti wá ń fi kún un! Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ́kítà kan pẹ̀lú igi 100 ẹ̀: 510 yọ 140, ó kù 370. Lẹ́ẹ̀kejì: 230 pẹ̀lú 140, 370 náà ni. Àpapọ̀ wọn ò mì rárá, bí wọ́n ṣe pín in láàárín ara wọn ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Ká ní mo mọ èyí lọ́jọ́ sutenáǹsì ni, ǹ bá ti dá bàbá yẹn lóhùn. Ó ṣeé ṣe kí igi tó há jù máa so díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n `Std. Error` igi mi jẹ́ 1.7, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ tàbí òdìkejì ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nígbẹ̀yìn ni pé mo yọ iye igi, mo fi iye igi nínú ẹ́kítà kan rọ́pò ẹ̀. VIF ilẹ̀ bọ́ sí 1.3, ti èkejì 1.1, ẹ́kítà kan sì jẹ́ nǹkan bí 370 kílò. Àmọ́ má ṣi ara ẹ lọ́nà: ìyẹn ò fi ìmọ̀ tuntun kún ọwọ́ mi. Ìbéèrè mi ló yí padà sí èyí tí dátà mi lè dáhùn. Lórí bí igi ṣe há sí, mi ò rí nǹkan gúnmọ́ sọ síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí n má gbàgbé, ẹnì kan máa sọ fún ẹ pé kí o wo tábìlì kọ́rẹlasíọ̀n nìkan, pé kò sí méjì tó ju 0.8 lọ, ó ti parí. Rárá o. Ọ̀rẹ́ mi kan kó òṣìṣẹ́ ọkùnrin, òṣìṣẹ́ obìnrin àti àpapọ̀ òṣìṣẹ́ sínú iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì-méjì wọn ò jọra púpọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so ara wọn pọ̀ pátápátá. R kọ `NA` síwájú ọ̀kan, ọ̀rẹ́ mi rò pé fáìlì òun ló bàjẹ́.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè tìẹ. Fọmasíọ̀n lo fẹ́ mọ̀, VIF ẹ̀ jẹ́ 1.4, gbòǹgbò ẹ̀ ò tó 1.2. Kí ló kàn ẹ́ pẹ̀lú ìjà ilẹ̀ àti igi? Méjèèjì wà níbẹ̀ kí fọmasíọ̀n má bàa gba ìyìn tí kì í ṣe tiẹ̀ ni, kò pọn dandan kí o mọ èwo nínú wọn ló ṣe kí ni. Bó o bá yọ méjèèjì bí ọ̀gá ẹ ṣe wí, ohun tó burú ju VIF lọ máa ṣẹlẹ̀: lágbègbè tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn tí oko wọn tóbi ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè sí fọmasíọ̀n, torí náà ìkórè tí ilẹ̀ ńlá mú wá máa lọ sí orúkọ fọmasíọ̀n, VIF ẹ̀ á sì kéré dáadáa, á dùn ún wò, irọ́ sì ni. Jẹ́ kí méjèèjì wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá ẹ bá ta kú, ṣe é lọ́nà mẹ́ta: ilẹ̀ nìkan, igi nìkan, méjèèjì pa pọ̀, kí o to kóẹfísíàn fọmasíọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí tábìlì kékeré kan. Bí kò bá mì, fi tábìlì yẹn hàn án. Bó bá mì púpọ̀, padà wá kọ nọ́ńbà náà síbí ká jọ wò ó, kí o sì sọ bóyá kọ́nsítáǹtì wà nínú VIF tó o kà.