Mi ò jẹ ọ̀gá rí, kí ni kí n kọ?

*Ẹ̀yin Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà ní yàrá káàdì ọsibítù aládàáni kan ní Òkè-Àdó, níbí ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ṣókí nípa ara mi, kó má ju ọ̀rọ̀ 150 lọ, kó sì hàn níbẹ̀ pé mo ti ṣe aṣáájú rí. Mi ò jẹ ọ̀gá ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ "máníjà", pé ta ló máa wádìí. Àyà mi ń já. Láti ọjọ́ mẹ́ta, gbólóhùn kan péré ni mo rí kọ: "Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo sì fẹ́ràn láti máa bá èèyàn ṣiṣẹ́." Yàtọ̀ sí pé mo lẹ téèpù mọ́ àwọn fáìlì, tí mo sì kọ́ àwọn ọmọ tuntun níṣẹ́, mi ò rí nǹkan kan tọ́ka sí. Kí ni kí n ṣe?*

*Ọmọ yàrá káàdì, Òkè-Àdó*

Àbúrò mi, má kọ máníjà. Bí wọ́n bá pe ọsibítù yín, ohun tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ ni ẹni tó gbé fóònù máa kà sí wọn létí. Mo ti jókòó rí níbi tí a ti ń yan èèyàn, ojú mi ló ṣe. Ọkùnrin kan kọ pé olórí ẹ̀ka ni òun, ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì ní akọ̀wé ni. Iṣẹ́ gidi tí ọkùnrin yìí ṣe wà nínú ìwé kan náà, ní ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀, ó sì dára ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí a mú lọ. Kò sẹ́ni tó kà á débẹ̀ mọ́. Ó ń dùn mí títí di òní. Nítorí náà, orúkọ ipò rẹ kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe wà nínú lẹ́tà yẹn.

Gbólóhùn rẹ ti ọjọ́ mẹ́ta, fi í sílẹ̀. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́, ẹni tó ń kà á kò sì rí ibi tó máa dì mú. Nígbà tí a bá ń wá aṣáájú nínú ìtàn ṣókí, ohun tí a ń wò ni pé: ṣé ẹni yìí rí nǹkan tó ń bàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò rán an sí? Kí ló pinnu láti ṣe? Àwọn tí kò sí lábẹ́ rẹ̀, báwo ló ṣe mú wọn tẹ̀ lé òun? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wúwo jù. Máníjà lè kọ kúérì sí ẹni tó bá kọ̀. Ìwọ kò ní kúérì kankan lọ́wọ́, àwọn èèyàn ṣì tẹ̀ lé ọ.

Ọ̀rọ̀ téèpù tí o sọ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, òun gan-an ni mo fi pè ọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Mo dúpẹ́ pé o gbà kí n lo ohun tí a sọ níbí, torí àwọn mìíràn máa rí ara wọn nínú rẹ̀.

O ní orúkọ bàbá ni ẹ fi ń to fáìlì tẹ́lẹ̀. Ní Ìbàdàn! Adéyẹmí mélòó ló wà ní Òkè-Àdó nìkan? Obìnrin á gba káàdì pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá rẹ̀, á lọ sílé ọkọ, á padà wá pẹ̀lú orúkọ ọkọ, fáìlì rẹ̀ á di méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí àwọn aláboyún bá ti kún ìjókòó, nọ́ọ̀sì á dúró sí ojú fèrèsé yín, á máa pariwo pé dókítà ń retí. Bí ẹ ò bá rí fáìlì, ẹ á kọ káàdì onígbà díẹ̀ fún aláìsàn, ẹ á sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà. Dókítà á wá máa tọ́jú ẹni tí kò mọ nǹkan tí wọ́n ti fún un rí.

Nọ́ńbà ti wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ìwọ lo sọ fún mátírọ́ọ̀nù pé ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà to wọ́n, kí àwọn tí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn wọn bá jọra wà papọ̀, kí wọ́n sì ní àwọ̀ kan náà, àwọ̀ mẹ́wàá fún òdo títí dé 9. Bí fáìlì aláwọ̀ pupa bá ṣìnà lọ sáàárín àwọn aláwọ̀ ewé, ojú á rí i láti ẹnu ọ̀nà. Mátírọ́ọ̀nù ní kí o fi sẹ́ẹ̀fù kan dán an wò. O lọ sí Dùgbẹ̀, o fi owó ara rẹ ra téèpù.

Àmọ́ ibi tí mo ti dìde jókòó nìgbà tí o dárúkọ bàbá tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí o tó dé. Wọ́n ní àwọn kò ní fi téèpù to nǹkan kan, pé orí àwọn mọ gbogbo fáìlì. Wọn ò sì parọ́, orí wọn mọ̀ ọ́n lóòótọ́. O kò bá wọn jà, o kò fẹjọ́ wọn sun. O lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá di ìwé atọ́ka mú, níbi tí wọ́n ti ń wá nọ́ńbà ẹni tó bá gbàgbé káàdì sílé, torí àwọn nìkan ló mọ ìyàwó ta ló ti di ta. Láàárín oṣù kan, àwọn fúnra wọn ló ń sọ fún àwọn tó ń ṣe ṣíftì òru pé kí wọ́n má fi fáìlì sí ibi tí àwọ̀ rẹ̀ kò sí. Àbúrò mi, ohun tí àwọn èèyàn yẹn ń wá kọjá èyí? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kò sì sẹ́ni tó ń fún àgbà náà ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kó tó tọ́ ọ.

Ó ku kí á rí ẹ̀rí. O ní ẹnikẹ́ni kò kọ iye àkókò tí ẹ fi ń wá fáìlì sílẹ̀. Kò burú, má ṣe finú kọ ọ́. Rẹ́jísítà káàdì onígbà díẹ̀ wà, a sì kọ déètì sí gbogbo ìlà rẹ̀. Mo ní kí o ka iye tó wà níbẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú téèpù, kí o tún ka ti oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀. O pè mí padà pé 31 ni ti àkọ́kọ́, 6 ni ti èkejì. Bí ó bá jẹ́ oṣù tí aláìsàn kò pọ̀ ni 6 yẹn bọ́ sí, kò ní jẹ́ ẹ̀rí o, ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ bóyá èrò kò dínkù. O ní rárá. Ó dáa, a lè lò ó.

Ọ̀rọ̀ "mo" àti "a" náà ṣe pàtàkì. Ilé kọ́ wa pé kí á má máa fẹnu ara wa yin ara wa, ni o ṣe ń sọ fún mi pé "a ṣe é, a rà á, a lọ bá mátírọ́ọ̀nù". Ẹni tó ń ka ìwé rẹ kò mọ̀ pé ìwọ ni "a" yẹn. Ohun tí o dá ṣe, kọ "mo" síbẹ̀. Ohun tí ẹ jọ ṣe, kọ "a", kí o sì sọ ipa tí àwọn yòókù kó. Bàbá yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìtàn rẹ ò ní pé láìsí wọn, mi ò sì gbà kí a yọ wọ́n kúrò nítorí ọ̀rọ̀ 150.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí o bá lò kò gbọ́dọ̀ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. O kò "darí" yàrá káàdì. O "dábàá" ètò kan, o "ṣe kòkárí" rẹ̀, o "kọ́" èèyàn mẹ́rin. Bákan náà, má pe ara rẹ ní adelé ọ̀gá nítorí pé ìwọ lo ń dúró nígbà tí ọ̀gá yín bá lọ ìsinmi, àfi bí wọ́n bá kọ lẹ́tà adelé fún ọ. Sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mo ṣe tò ó rèé. Kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ, kó lè jọ ohùn rẹ:

"Akọ̀wé yàrá káàdì ni mí ní ọsibítù aládàáni kan ní Ìbàdàn, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Orúkọ la fi ń to fáìlì tẹ́lẹ̀, wọ́n sì máa ń sọnù. Mo dábàá pé kí a fi nọ́ńbà àti àwọ̀ tò wọ́n, mo fi sẹ́ẹ̀fù kan dán an wò, mo sì ṣe kòkárí iṣẹ́ náà títí ó fi dé gbogbo sẹ́ẹ̀fù. Ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bójú tó ìwé atọ́ka, àwọn ni wọ́n sì mú kí òṣìṣẹ́ òru gbà á. Káàdì onígbà díẹ̀ tí a ń kọ fún ẹni tí a kò rí fáìlì rẹ̀ dínkù láti 31 sí 6 lóṣù. Mo ti kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́rin, èmi ni mo sì máa ń dúró fún ọ̀gá wa nígbà ìsinmi wọn. Mo fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gbé irú àkọsílẹ̀ yìí sórí kọ̀ǹpútà."

Wò ó, ọ̀rọ̀ "aṣáájú" kò sí níbẹ̀ rárá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Gbólóhùn nípa bàbá yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ bá ju 150 lọ, gbólóhùn ìsinmi ni kí o kọ́kọ́ gé. Má ṣe fi ìtàn aláìsàn kankan sí i, ì báà jẹ́ láìdárúkọ, torí yàrá káàdì lo wà, ẹni tó bá sì ń sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn kiri kì í ṣe ẹni tí wọ́n á fẹ́ mú.

Kí o tó fi ránṣẹ́, mú un lọ fún mátírọ́ọ̀nù. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn ti ọsibítù ni, ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí i pé kí o lò ó, àwọn náà sì ni wọ́n máa dáhùn bí wọ́n bá pè. Bí ojú wọn bá rọ́ níbì kan, ibẹ̀ lo ti sọ àsọdùn, tún un kọ. Lẹ́yìn náà, wá àyè lọ́jọ́ tí èrò ò bá pọ̀, kí o ka gbólóhùn tó kan bàbá náà sí wọn létí. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.