Èsì: Títún lẹ́tà ṣe láì pa ohùn ẹni tó kọ ọ́

"Mo bá ọ̀rẹ́ mi tún lẹ́tà ṣe, ó ní kò jọ òun mọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?"

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ka lẹ́tà náà sókè, kí o sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ gan-an ló máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má ṣe tún ìyẹn ṣe. Sípẹ́lì, àmì ohùn àti gbólóhùn tí kò yéni ni iṣẹ́ rẹ.

Ẹnìkan gbé irú rẹ̀ wá bá mi rí. Ó kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé: "Inú mi ò dùn rárá. Mo pè yín, mo tún pè yín. Ẹ ò gbé e." Mo sọ ọ́ di: "Gbogbo ìgbìyànjú mi láti bá yín sọ̀rọ̀ ló já sí pàbó." Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Inú "mo pè yín, mo tún pè yín" yẹn gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ wà; àtúnwí náà kì í ṣe àṣìṣe rárá. Mo dá a padà, mo kàn fi àmì ohùn sí i ni.

Tí o bá ṣe tán, kà á sí ọ̀rẹ́ rẹ létí. Ibi tó bá ti ní "èmi ò lè sọ báyìí láé", ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kí o dá padà síbẹ̀.