Nọ́ńbà mẹ́fà tí kò tún ara wọn ṣe: àbùkù tó wà nínú fífi 1 kún un

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń mú nọ́ńbà 6 láàárín 1 sí 49, bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù lọ́tìrì. Nọ́ńbà kan máa ń jáde lẹ́ẹ̀mejì nígbà mìíràn, ni mo bá ní kí ètò náà máa fi 1 kún èyí tó bá ti jáde tẹ́lẹ̀, títí yóò fi bá èyí tí kò tíì jáde; tó bá kọjá 49, kó padà sí 1. Láti ìgbà náà, kò sí nọ́ńbà tó tún jáde lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Mo mú un lọ́pọ̀ ìgbà, mo kà á, gbogbo nọ́ńbà ló ń jáde ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Síbẹ̀, ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà yìí kò dára. Níbo ni àbùkù rẹ̀ wà?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ẹni náà sọ. Àbùkù náà wà nínú bí àwọn nọ́ńbà ṣe ń jáde *pọ̀*, kì í ṣe nínú iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jáde. Ìdí nìyẹn tí kíkà tí ẹ kà á kò fi lè rí i, bó ti wù kí ẹ kà á pẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká dín in kù sí bọ́ọ̀lù 4, ká sì mú 2 nínú wọn, kí a lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 4, ó tún mú òmíràn láàárín 1 sí 4. Ọ̀nà 16 ló wà, kò sì sí èyí tó rọrùn ju èkejì lọ. Kí 1 àti 2 tó jáde pọ̀, kọ̀ǹpútà lè mú 1 ṣáájú 2, ó lè mú 2 ṣáájú 1, ó sì lè mú 1 lẹ́ẹ̀mejì, torí pé 1 kejì yóò di 2. Ọ̀nà 3 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2 àti 3, 3 àti 4, àti 4 àti 1. Ṣùgbọ́n 1 àti 3 kò ní ju ọ̀nà 2 lọ, 2 àti 4 náà kò ní ju 2 lọ. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti gba ju ẹ̀tọ́ wọn lọ. Ẹ wá wo 1 nìkan: ó wà nínú ọ̀nà 3 pẹ̀lú 2, 3 pẹ̀lú 4, àti 2 pẹ̀lú 3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8. Àwọn mẹ́ta yòókù náà, 8 ni tiwọn. Wọ́n dọ́gba géérégé, síbẹ̀ mímú náà kò tọ́.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí 49 yín. Tí a bá mú nọ́ńbà 6 láìṣọ́ àtúnjáde, nǹkan bíi 27 nínú 100 ni yóò ní ó kéré tán nọ́ńbà kan tó jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ní gbogbo ìgbà bẹ́ẹ̀, ètò yín ń fi ipá gbé nọ́ńbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i: ẹ mú mẹ́fà-mẹ́fà ní ìgbà 10,000, kí ẹ ka iye ìgbà tí ó kéré tán nọ́ńbà méjì tẹ̀lé ara wọn, bíi 23 àti 24. Tó bá jẹ́ mímú tó tọ́, ẹ máa rí i ní nǹkan bíi 4,950 ìgbà. (Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.) Nínú ètò tiyín, yóò sún mọ́ 6,300. Irú ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ti orí ire.

Kò sì sí bí ẹ ṣe lè tún un ṣe nípa yíyí òfin náà padà, ì báà jẹ́ kí ẹ fi 7 kún un tàbí kí ẹ yọ 1 kúrò. Ìdí ni pé ètò yín ń mú nọ́ńbà láàárín 49 ní ìgbà mẹ́fà géérégé, ọ̀nà tó sì wà jẹ́ 49 × 49 × 49 × 49 × 49 × 49, èyí tí í ṣe 13,841,287,201. Mẹ́fà-mẹ́fà tí a lè rí nínú 49 jẹ́ 13,983,816. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, èkejì ṣeé pín. Nítorí náà a kò lè pín àkọ́kọ́ dọ́gba fún èkejì. Àwọn kan gbọ́dọ̀ gbà ju àwọn kan lọ.

Ọ̀nà méjì ló jáde kúrò nínú ìṣòro yìí. Èyí tó rọrùn jù ni pé tí nọ́ńbà kan bá ti jáde tẹ́lẹ̀, ẹ jù ú nù pátápátá kí ẹ sì mú òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tọ́, kò sì wọ́n: ní ìpíndọ́gba, ẹ máa mú nǹkan bíi 6.3 ìgbà kí 6 tó pé.

Èkejì ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, torí pé ó ṣe ohun tí bọ́ọ̀lù gan-an ń ṣe: èyí tó bá ti jáde kò sí nínú àpò mọ́. Ẹ to 1 dé 49 sílẹ̀, kí ẹ máa gbé èyí tí ẹ bá mú wá síwájú, kí ẹ sì máa mú láàárín àwọn tó kù nìkan:

```python
import random

boolu = list(range(1, 50))
for i in range(6):
    j = random.randrange(i, 49)
    boolu[i], boolu[j] = boolu[j], boolu[i]
print(sorted(boolu[:6]))
```

Ẹ tẹ̀lé e díẹ̀. Àyè inú ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ká ní `j` àkọ́kọ́ jẹ́ 16: 17 ló wà níbẹ̀, ó wá sí iwájú, 1 sì lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Ká wá ní `j` kejì tún jẹ́ 16. Kì í ṣe 17 la máa rí níbẹ̀ mọ́, 1 ni. Àyè kan náà jáde lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì sí ohun tí a ní láti yẹ̀ wò.

Ẹ ṣọ́ `i` tó wà nínú `randrange(i, 49)` dáadáa. Tí ẹ bá kọ 0 síbẹ̀, ètò náà á ṣiṣẹ́, nọ́ńbà kankan kò ní jáde lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ ti padà sí mímú láàárín 49 ní ìgbà mẹ́fà, àìdọ́gba tí mo ṣàlàyé lókè yẹn yóò sì padà wá. Pẹ̀lú `i`, ọ̀nà tó wà jẹ́ 49 × 48 × 47 × 46 × 45 × 44, mẹ́fà-mẹ́fà kọ̀ọ̀kan sì gba 720 géérégé.

Tí kì í bá ṣe pé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, `random.sample(range(1, 50), 6)` ti ṣe gbogbo rẹ̀ fún yín. Ọ̀nà jíjù nù dára nígbà tí ẹ bá ń mú díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀, bíi 6 nínú mílíọ̀nù kan, kí ẹ má bàa to mílíọ̀nù sílẹ̀ lásán. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ mú gbogbo 49 tán pẹ̀lú rẹ̀, ní ìpíndọ́gba ó máa mú nǹkan bíi 219 ìgbà, torí pé èyí tó kẹ́yìn ṣòroó bá pàdé. Tí ẹnìkan bá sì ṣèèṣì béèrè 50 nínú 49, kò ní dúró láéláé. Ẹ fi ìyẹ̀wò ṣáájú rẹ̀.

Tí owó bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ má lo `random` lásán. Ẹni tó bá rí èsì rẹ̀ tó pọ̀ tó lè ṣírò èyí tó ń bọ̀. Ẹ lo `secrets.SystemRandom().sample(range(1, 50), 6)` dípò rẹ̀.