Pátákó tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́: ohun tí ọ̀dà kọ ni kí ẹ kọ

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n kó fọ́tò sáìnbọ́ọ̀dù àti pátákó àdúgbò tó lé ní 200 fún mi, Òṣogbo ni gbogbo wọn, wọ́n ní kí n da ohun tó wà lára wọn kọ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì jẹ́ láti ìsàlẹ̀. Níbi tí mi ò bá ti rí àmì dáadáa, ṣé kí n fi sí i bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, àbí kí n fi í sílẹ̀? Kí ni mo sì lè fi na fọ́tò tó bá wọ́?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má fi àmì kankan sí i láti inú orí yín. Ohun tí ẹni tó kọ pátákó bá fi ọ̀dà kọ ni kí ẹ kọ. Bó bá kọ OSOGBO láìsí àmì abẹ́, OSOGBO náà ni. Bó bá kọ OSHOGBO, ẹ má yọ H kúrò, àkọtọ́ àtijọ́ ni, ó sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín. Bí ẹ bá rí pátákó tí wọ́n kọ Òṣogbo sí tí wọ́n sì kọ Ọ̀yọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀, ẹ má tún un ṣe sí Ọ̀ṣun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ẹ̀rí ọjọ́ orí pátákó yẹn lẹ fẹ́ pa rẹ́ yẹn.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, mo sì fẹ́ kó yé yín dáadáa. Àwọn ọ̀gá tó ń gbé iṣẹ́ yìí fúnni á jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n á ní "ẹ kọ Yorùbá tó péye." Wọn ò ní sọ bóyá Yorùbá ara pátákó ni wọ́n ń sọ ni, àbí Yorùbá inú ìwé àkọtọ́. Ẹ ó fi àmì sí gbogbo ẹ̀ tán, ọ̀gá mìíràn á dé, á ní kí ẹ yọ àmì tí kò sí lára pátákó. Ẹ ò sì ní mọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀yin fi sí i. Ẹ ó padà sí fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, látorí àkọ́kọ́. Owó kan ṣoṣo náà ni wọ́n sì máa san. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ ya kọ́lọ́ọ̀mù méjì láti ọjọ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ fún yín o, wọn ò sọ fún yín o. Àkọ́kọ́ fún ohun tí ojú rí, èkejì fún bí Yorùbá òde òní ṣe máa kọ ọ́. Ìmọ̀ yín, inú kọ́lọ́ọ̀mù kejì nìkan ló ti láyè.

Ẹ jẹ́ ká mú pátákó kan. Ọ̀rọ̀ tó wà lára ẹ̀ ni A N TUN OKO SE NIBI, lórí pákó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Apá òsì pátákó ni ẹni tó yà á dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Nínú fọ́tò, etí òsì ga ní píkísẹ́lì 700, etí ọ̀tún ga ní 350 péré, àárín àwọn méjèèjì sì jẹ́ 540. Ohun tí èyí ń sọ ni pé etí ọ̀tún jìnnà sí kámẹ́rà ní ìlọ́po méjì etí òsì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí lẹ́tà tó jìnnà bá ti kéré sí ìdajì, ìdajì náà ni yóò kù lórí fífẹ̀. Rárá o. Gíga á dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n fífẹ̀ á dín sí ìdá mẹ́rin. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá pín àlàfo dọ́gba, A àkọ́kọ́ á ní àyè tó tó bíi píkísẹ́lì 54, I tó gbẹ̀yìn ò ní ju bí 15 lọ. Àárín gidi pátákó, tó bọ́ sórí K inú OKO, kò sí ní àárín fọ́tò. Ó ti sún lọ sápá ọ̀tún, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ ló jẹ 360, ìdajì kejì ń fún ara ẹ̀ pọ̀ sínú 180. Bí ẹ bá na fọ́tò yẹn tààrà, ojú á rí i pé ó gún, àmọ́ píkísẹ́lì tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ti ọ̀run wá. SE NIBI á kàn fẹ̀ ni, kò ní hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà ìkángun tó jìn bí ẹ ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ti ìtòsí.

Nísinsìnyí, àmì abẹ́. Lábẹ́ O méjèèjì inú OKO, àmì wà, ó hàn. Lábẹ́ S, nǹkan dúdú kan wà. Ṣé àmì ni àbí ìdọ̀tí? Ẹ wò ó kí ẹ tó na fọ́tò, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá nà án. Àmì róbótó tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára pátákó gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú fọ́tò tí ẹ ò tíì nà, gíga ẹ̀ á ju fífẹ̀ lọ, nítorí pé òun náà ti fún pọ̀ bí lẹ́tà tó wà lókè ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá nà án, á padà rí róbótó bí àwọn tó wà lábẹ́ O. Bó bá jẹ́ pé róbótó ló wà kí ẹ tó nà án, tó wá fẹ̀ bí ẹyin tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kò sí lójú pátákó. Ìdọ̀tí ojú kámẹ́rà ni, tàbí nǹkan tó dúró síwájú, tàbí orí ìṣó tó yọ síta. Ìṣó tún máa ń fara hàn níbi tí lẹ́tà kankan ò sí, ìpatà ẹ̀ sì máa ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ wo àwọ̀ náà pẹ̀lú, ọ̀dà àmì àti ọ̀dà lẹ́tà kan náà ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Lára pátákó tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn tí mo nà án, nǹkan abẹ́ S fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gíga ẹ̀. Kì í ṣe àmì. Kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ á jẹ́ A N TUN ỌKỌ SE NIBI, èkejì á jẹ́ A ń tún ọkọ̀ ṣe níbí. Pé ó fi àmì sí O tí kò fi sí S kò yẹ kó yà yín lẹ́nu, ẹ ó rí i dáadáa lára pátákó wa. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò lè pinnu, ẹ kọ ọ́ ní Ṣ[?], kí ẹ kọjá síwájú. Lẹ́tà tó bá ti lọ pátápátá, [?] nìkan.

Èyí tí wọ́n yà láti ìsàlẹ̀ ní àrùn tiẹ̀. Ibẹ̀ gíga ló ń fún pọ̀, àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà àti àmì abẹ́ ẹ̀ á wá pòórá. Ọ á dà bíi Q, E àti B á máa jọra, 3 àti 8 náà. Ẹ wá lẹ́tà kan náà níbòmíràn lára pátákó kan náà, kí ẹ fi wé e, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́, kì í sábà yí bó ṣe ń gbẹ́ lẹ́tà padà. Nọ́ńbà fóònù ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Nọ́ńbà alágbèéká wa jẹ́ 11, 07, 08 tàbí 09 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù. Àmọ́ kò ní sọ èyí tó sọnù fún yín. Ẹ má ṣe fojú inú wò ó. Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ nọ́ńbà oníṣọ́ọ̀bù nínú iṣẹ́ yìí rárá, torí nọ́ńbà èèyàn ni.

Nínà ò le. Nínú GIMP, ẹ tẹ Shift+P, ẹ yan Corrective (Backward), ẹ fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí igun pátákó. Bó bá pọ̀, ImageMagick yá jù:

```
magick patako.jpg -auto-orient -distort Perspective \
 "410,620 0,0 950,905 1400,0 950,1255 1400,700 410,1320 0,700" \
 -crop 1400x700+0+0 +repage patako_na.png
```

Méjì-méjì ni àwọn nọ́ńbà yẹn: ibi tí igun wà nínú fọ́tò, lẹ́yìn náà ibi tí ẹ fẹ́ kó wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè òsì, kí ẹ máa yí lọ bí ọwọ́ aago. Mo lo 1400 sí 700 torí pé pákó yẹn fẹ̀ ní ìlọ́po méjì gíga ẹ̀. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n tí kò bá a mu sí i, gbogbo lẹ́tà á sanra tàbí kó rù, ìdánwò àmì tí mo sọ lókè kò sì ní ṣiṣẹ́. Ẹ má yọ `-auto-orient` kúrò. Fóònù lè tọ́jú fọ́tò ní ìdùbúlẹ̀ kó kàn fi àmì sí i pé kí wọ́n yí i, nọ́ńbà igun tí ẹ kà lójú GIMP kò ní bá ti ImageMagick mu láìsí i.

Igun mẹ́rin ń ṣiṣẹ́ fún ohun tó tẹ́jú nìkan o. Fílẹ́ẹ̀sì tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ wú kò tẹ́jú, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ na ìkọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù tó ṣí apá kan ńkọ́? Ojú méjì nìyẹn, igun mẹ́rin méjì. Bí ọ̀rọ̀ bá pín sórí apá méjèèjì tí ọ̀kan sì ṣí sẹ́yìn, ẹ kọ ìdajì tó hàn, kí ẹ fi [?] sí èyí tó kù, kódà bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro láti mọ̀.

Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fi ọ̀dà pupa kọ àṣẹ sórí pátákó ẹni ẹlẹ́ni, pé kí wọ́n yọ ọ́ tàbí kí wọ́n wó o, lórí orúkọ tí èèyàn sanwó kí wọ́n kọ. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ìlà tirẹ̀ ni ọ̀dà pupa yẹn, pẹ̀lú déètì ẹ̀ bó bá ní. Lẹ́tà oníṣọ́ọ̀bù tó bo mọ́lẹ̀, [?] ni, bí etí lẹ́tà kò bá yọ lábẹ́ ẹ̀.

Pátákó orúkọ àdúgbò: ẹ fi ìgékúrú sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má na án.

Ṣ tí ẹ máa tẹ̀, U+1E62 ni fún ńlá, U+1E63 fún kékeré. Èyí tó ní ìrù bí ti àwọn Tọ́kì, U+015E àti U+015F, jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní rí i nígbà tí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fi ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó, ẹ kọ ọ́ ní ẹ, ọ, ṣ kan náà, kí ẹ sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní òkè fáìlì. Ẹ fi èyí la gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù méjèèjì kọjá kí ẹ tó fi ránṣẹ́, Python ni, s sì dúró fún ọ̀rọ̀ inú kọ́lọ́ọ̀mù:

```
import unicodedata
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Ẹ́ tí ẹ tẹ̀ láàárọ̀ àti ẹ́ tí ẹ tẹ̀ lálẹ́ lórí fóònù mìíràn lè má jẹ́ ohun kan náà nínú fáìlì. Ìlà méjì yìí á sọ wọ́n di ọ̀kan.